Ikùn Mi, Téèpù Mi àti Fọ́tò Ọkọ Mi

Ẹ má sọ pé mo ń fọ́nnu. Mo mọ̀ pé mo ń fọ́nnu. Ẹni tó bá ṣe irú ohun tí mo ṣe tí kò fọ́nnu, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ.

Òkìtìpupa ni mo ti ń ránṣọ ní àwọn ọdún tí a ṣì ń ná ṣílè. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni èmi àti ọkọ mi ń lò. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lápá ọ̀tún bí èèyàn bá ń wọlé, kámẹ́rà rẹ̀ elẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà lápá òsì, yàrá dúdú tó ti ń fọ fíìmù sì wà lẹ́yìn aṣọ tí a ta sí ẹ̀yìn. Ẹni tó bá gba aṣọ ọdún lọ́wọ́ mi, ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni yóò gbà kọjá kó tó délé, torí ta ni yóò wọ aṣọ tuntun tí kò ní ya fọ́tò? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jẹun.

Mo sanra nígbà náà. Mo ní mo sanra! Tí mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ẹni tó bá fẹ́ jókòó tì mí á kọ́kọ́ tọrọ àyè. Kò sì sẹ́ni tó bá mi wí. Nílẹ̀ Ìkálẹ̀ níbí, ìyàwó tó bá sanra, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń yìn. Tí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin á ní, "Ìyàwó afọ́tò, ayé yẹ ọ́ o!" Èmi náà á tún gèlè ṣe, n ó máa rìn bí ẹni tó ra títì.

Òùngbẹ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. N ó mu omi títí ikùn mi á le, òùngbẹ á tún máa gbẹ mí. Ìtọ̀ kì í jẹ́ kí n rán apá aṣọ kan parí kí n tó sáré jáde. Ọkọ mi ní ká lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì gba ìtọ̀ mi, ó da díẹ̀ sínú oògùn aláwọ̀ búlúù nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó gbé e sórí iná. Ìṣojú mi ni oògùn náà kúrò ní búlúù, ó di àwọ̀ ewé, ó di yẹ́lò, ó sì pọ́n wá bí bíríkì. Dókítà wò ó, ó wò mí. Ó ní àtọ̀gbẹ ni.

Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀ lé e. Àtọ̀gbẹ ló pa ìyá mi. Orí ìka ẹsẹ̀ ni egbò kan ti bẹ̀rẹ̀, kò ju bọ́tìnì lọ, kò sì jinná títí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ náà. Ojoojúmọ́ la ń gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ oòrùn, gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì parẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ lógójì ọdún ni nígbà tó lọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló pa á. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ "abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́," ìyá mi ni mo máa ń rí lórí ẹní.

Dókítà náà kì í ṣe ọmọ ìlú wa, Ọ̀yọ́ ló ti wá, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. "Ìyáàfin," ó ní, "ṣúgà yín kò tíì burú jù. Ọ̀rá tó wà níkùn yín yìí ni kò jẹ́ kí ara yín lo ṣúgà bó ṣe yẹ. Ẹ dín in kù. Oṣù mẹ́fà ni mo fún yín. Bí ọ̀rá náà bá dínkù, tí ìtọ̀ yín sì mọ́, oúnjẹ nìkan la ó fi máa tọ́jú rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, abẹ́rẹ́ ni, lójoojúmọ́, níbí."

Wọ́n gbé mi sórí sikéèlì, irin gíga kan tó ní irin kékeré tí wọ́n ń tì síwá tì sẹ́yìn. Igba pọ́ùn ni mo wọ̀n, géérégé.

Mo délé, mo bá ẹnu mi jà. Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, tí mo máa ń jẹ bí òkìtì, mo dín in kù sí ìwọ̀n ìkúùkù mi. Mo fi ẹ̀fọ́ àti ẹja dí àyè tó kù. Mo pa ṣúgà inú tíì àti mínírà tì pátápátá. Láàárọ̀ kùtù, kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, n ó rìn lọ sójú ọ̀nà Ìlútítun, n ó rìn bọ̀, àwọn tó ń lọ sóko á máa bi mí pé ta ló kú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá kọrí sí ọsibítù pẹ̀lú ayọ̀, mo gun sikéèlì wọn. Pọ́ùn méjì ló fi lé!

Mo figbe ta. Mo ní sikéèlì wọn ti bàjẹ́. Mo ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé lọ́wọ́ àwọn tó ń wọn kòkó ni wọ́n ti yá a. Àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọ Ẹ̀gbá kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú.

"Kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?" ó bi mí.

"Púpurú. Kékeré ni."

"Omi ńkọ́?"

"Mo mu."

"Ìró mélòó lẹ ró?"

Méjì ni mo ró. Mo wé gèlè, mo wọ bàtà tó ní gìgísẹ̀, torí aránṣọ kì í jáde bí ẹni tó ń lọ sóko. Nọ́ọ̀sì ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ara mi ò yá, ìró kan ṣoṣo ni mo ró, mi ò sì tíì fẹnu kan nǹkan kan.

"Ẹ ò rí i?" ó ní. "Sikéèlì kò mọ ọ̀rá. Gbogbo ohun tó bá gun orí rẹ̀ ló ń wọ̀n: ọ̀rá, omi, egungun, oúnjẹ inú ikùn, bàtà. Ẹ máa wá láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun, lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ sí ṣáláńgá, nínú ìró kan náà. Ẹ má sì gbára lé e nìkan. Ẹ̀yin tí téèpù wà lọ́rùn yín, tí ọkọ yín ń ya fọ́tò, kí lẹ tún ń wá?"

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hàn mí níbi tí téèpù ń gbà. Kì í ṣe ibi tí a ń so ìró mọ́. Ó ní kí n fọwọ́ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn, kí n fọwọ́ wá orí egungun ìbàdí, àárín méjèèjì ni. Ara lásán ni ká wọ̀n, kì í ṣe aṣọ. Kí n dúró ṣánṣán, kí n mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, kí n má fa ikùn wọlé, kí téèpù kan ara láì fún un, kó sì rí bákan náà níwájú àti lẹ́yìn. Fọ́tò, ó ní, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó: aṣọ kan náà, ibi kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà.

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni nọ́ọ̀sì tó fẹ́ kọ́ èmi bí wọ́n ṣe ń lo téèpù? Mo délé, mo ṣí ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán búbà àti kaba kan fún ara mi ni, ìwọ̀n ikùn mi sì wà níbẹ̀ gedegbe: íǹṣì mẹ́rìnlélógójì. Mo ní kí ni mo tún ń wọn ara mi sí? Mo da mẹ́rìnlélógójì kọ sí ojú ewé tuntun, mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Fọ́tò náà tún di wàhálà. Ọkọ mi gbé àga kalẹ̀, ó ní kí n jókòó, kí n tẹ́ ìró sílẹ̀ gbalaja, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Bó ṣe ń ya gbogbo obìnrin nìyẹn, kí wọ́n lè fẹ̀ dáadáa, kí ará ilé tó bá rí fọ́tò mọ̀ pé wọ́n ń jẹun níbi tí wọ́n wà.

Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, dókítà ò ní kí ẹ fẹ̀ mí o. Ó ní kí n dín kù ni."

Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí fèrèsé. Mo wọ ṣimí kan, mo ró ìró fẹ́lẹ́ kan, mo dúró. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí gìgísẹ̀ mi wà, ó sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ kámẹ́rà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ó yà mí láti iwájú, ó yà mí láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde, mo rí èyí tó yà láti ẹ̀gbẹ́, mo sì kọ ẹ̀yìn sí i. Mi ò mọ̀ pé bí ikùn mi ṣe yọ síwájú tó nìyẹn. Èèyàn kì í rí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀.

Oṣù pé. Mo lọ láàárọ̀, mi ò fẹnu kan nǹkan, ìró kan ni mo ró. Pọ́ùn márùn-ún ti kúrò nínú igba náà. Mo sáré wálé, mo wé téèpù mọ́ ara lásán gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi: méjìlélógójì. Íǹṣì méjì lóṣù kan! Kò sẹ́ni tí mi ò sọ fún. Mo sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, mo sọ fún ìyá tó ń ta ẹ̀wà lọ́ọ̀ọ́kán wa, mo sọ fún ẹni tó kàn wá béèrè ọ̀nà.

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tẹ fọ́tò tuntun náà jáde, ó gbé e ti àkọ́kọ́ lórí tábìlì, ó fi rúlà lé ikùn èkíní, ó fi lé ikùn èkejì.

"Ìyá àwọn ọmọ, wá wò ó."

Mo wò ó. Ojú mi ti tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ikùn kan náà ni. Àní bákan náà!

Mo ní kámẹ́rà rẹ̀ ti fọ́jú. Mo ní ìlara ló ń ṣe é. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ mí, ó wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Mẹ́rìnlélógójì yẹn, báwo lo ṣe wọ̀n ọ́n?"

Gbogbo aránṣọ ìlú wa ló mọ̀ ọ́n: bí o bá wọn ìyàwó ilé, o kì í kọ ohun tí téèpù sọ. O ó fi íǹṣì méjì kún un kí o tó kọ ọ́. Àyè là ń pè é. Obìnrin á bímọ, obìnrin á jẹun ọdún, á tún fẹ̀ sí i, aṣọ ò sì gbọdọ̀ há a lára kó wá máa sọ pé aránṣọ ló bà á jẹ́. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, ó sì ti wọ̀ mí lọ́wọ́ débi pé mi ò mọ̀ mọ́ pé mò ń ṣe é. Mẹ́rìnlélógójì inú ìwé, méjìlélógójì ni lára. Àyè tí mo fi sílẹ̀ kí n lè sanra sí i ni mo gbé kiri ìlú pé mo ti rù!

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìtìjú bá mi, inú bí mi, mo sì tún bá a rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn. Nígbà tí mo sọ fún nọ́ọ̀sì, ó ní kí n má fòyà, omi ló máa ń pọ̀ jù nínú ohun tó ń kọ́kọ́ kúrò lára, pé kí n fara balẹ̀, téèpù yóò bá sikéèlì. Mo fa ìlà pa mẹ́rìnlélógójì rẹ́. Mo kọ méjìlélógójì sí ipò rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́.

Téèpù sì bá sikéèlì. Lóṣù kejì, téèpù kà mọ́kànlélógójì. Lóṣù kẹta, ogójì. Sikéèlì náà ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi di igba dín mẹ́tàlá. Fọ́tò ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ti wà nínú àpòòwé kan báyìí. Bí mo bá tò wọ́n tẹ̀ léra, mo rí ikùn mi bó ṣe ń padà sílé díẹ̀díẹ̀. Lálẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ebi púpurú bá fẹ́ pa mí, n ó kó wọn jáde, n ó wò wọ́n.

Àsìkò ẹyìn dé. Ìyá ọkọ mi ń gbé ní Ìjù-Odò, epo ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n káwọ́ lérí.

"Yéè! Ìyàwó mi, ta ló ń fi ebi pa ọ́? Ṣé ọmọ mi náà ni?"

Mo ṣàlàyé títí. Wọn ò gbà. Ní ojú wọn, obìnrin tí egungun ọrùn rẹ̀ yọ, àìsàn ń ṣe é tàbí ọkọ rẹ̀ ń fẹ́ ẹlòmíì. Wọ́n sunkún. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkọ mi, wọ́n bá a wí níṣojú àwọn ẹbí bí ẹni ń bá ọmọdé wí. Èmi ní tèmi, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn ṣiṣẹ́ kí ara mi lè le. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ. Mo ń ru omi, mo ń fọmọ odó gún ẹyìn, mo ń wọ inú kòtò tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, n ó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí itan mi á fi máa gbọ̀n. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kan, mo ń gbé garawa omi kún dẹ́nu láì mí gúlegúle.

Oṣù kẹrin pé, mo lọ gun sikéèlì. Kò yẹ̀. Igba dín mẹ́tàlá tó wà lóṣù tó kọjá ló ṣì wà. Wọ́n ti gbé nọ́ọ̀sì ọmọ Ẹ̀gbá yẹn lọ sí ìlú mìíràn, dókítà fúnra rẹ̀ ló kà á. Ó dijú pọ̀, ó ní, "Ó ku oṣù méjì o, Ìyáàfin."

Mo délé, mo wé téèpù: mọ́kàndínlógójì. Íǹṣì kan ti lọ. Inú mi fẹ́ dùn. Ọjọ́ kejì ni ọkọ mi gbé fọ́tò oṣù náà lé mi lọ́wọ́. Ojú mi kún nínú fọ́tò náà. Ọrùn mi dán borokoto, kò sí egungun kan níbẹ̀. Mo sanra nínú rẹ̀ ju ti oṣù kẹta lọ! Sikéèlì ní rárá, fọ́tò ní rárá, téèpù nìkan ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Téèpù mi sì ti parọ́ fún mi rí.

Mo rò ó. Téèpù aláṣọ tó bá ti pẹ́ máa ń fà, bó bá sì fà, iye tó bá kà á kéré sí òótọ́. Mo gbé tèmi lé rúlà igi, mo wọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fà. Ó pé pérépéré. Mo wá gbé fọ́tò náà lọ sí ẹnu fèrèsé, mo tún wò ó. Ọrùn ẹni tó ń ru omi lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ṣe máa dán bẹ́ẹ̀ yẹn?

"Bàbá àwọn ọmọ," mo pè é, "ẹ gbé fíìmù fọ́tò yìí wá."

Ó ní fíìmù wo. Mo ní fíìmù wo kẹ̀! Ó gbé e wá, kò sì wo ojú mi. Mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo sì rí i: pẹ́ńsù. Ó ti fi pẹ́ńsù kun ibi ọrùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lórí fíìmù, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn oníbàárà tí ojú wọn bá hunjọ, kí kòtò ibẹ̀ lè funfun, kó sì kún bó bá tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ wo inú tó bí mi! Mo ní, "Èmi ń fi ẹ̀mí mi sáré, ẹ̀yin ń fi pẹ́ńsù bọ́ mi!"

Ó wá ní, "Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló dùn mí. Wọ́n ní mò ń fi ebi pa ọ́. Mo rí egungun yẹn nínú fíìmù, ọwọ́ mi kàn lọ síbẹ̀ ni."

Mi ò lè bínú pẹ́. Èmi tí mo fi àyè kún ara mi, ta ni mo fẹ́ bá wí? Iṣẹ́ wa méjèèjì ni láti mú kí èèyàn rí bó ṣe wù ú kó rí, a sì ti bá iṣẹ́ náà wọ ilé. Ó nu pẹ́ńsù náà kúrò níṣojú mi, ó tún un tẹ̀. Egungun ọrùn mi yọ síta ketekete. Ikùn mi ti wọlé ju ti oṣù kẹta lọ, bí téèpù ṣe wí gan-an. Inú mi dùn sí egungun náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Oṣù karùn-ún, sikéèlì tún gbé pọ́ùn kan lé e. Téèpù kà méjìdínlógójì. Mi ò figbe ta mọ́. Ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa, torí dókítà kò mọ téèpù mi, kò rí fọ́tò mi. Sikéèlì nìkan ló wà nínú káàdì rẹ̀, òun náà ló sì fẹ́ fi dájọ́ mi.

Ọjọ́ náà dé. Mo ró ìró kan náà, mo kó àpòòwé fọ́tò, ìwé ìwọ̀n àti téèpù sínú báàgì. Mo gun sikéèlì: igba dín mẹ́tàlá. Dókítà wo káàdì rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyáàfin, ẹ gbìyànjú. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹta, ojú kan náà la wà. Mi ò lè máa dúró." Ó fa káàdì mìíràn jáde láti inú àpótí, aláwọ̀ pínǹkì. Mo mọ káàdì náà. Irú rẹ̀ ni wọ́n fún ìyá mi.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ ọ́."

Ohùn mi ròkè ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò bìkítà. Mo to fọ́tò ẹ̀gbẹ́ méje sórí tábìlì rẹ̀, láti èyí tí a yà ní ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ṣí ìwé ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó tẹ̀ síwájú. Ó gbé ìka lé àkọ́kọ́.

"Ta ni obìnrin yìí?"

"Èmi ni, sà."

Ó wò mí. Ó wo èyí tó kẹ́yìn. Ó wá fi ẹ̀yìn ti àga. "Ọkọ yín ló yà á. Mo gbọ́ pé àwọn afọ́tò lè ṣe ohun tó bá wù wọ́n sí àwòrán."

"Òótọ́ ni, sà. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan, mo mú un." Mo yọ téèpù nínú báàgì, mo nà án sí i. "Ẹ wọ̀n mí fúnra yín. Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Ó dìde. Ó fọwọ́ wá egungun ìhà mi, ó fọwọ́ wá egungun ìbàdí. Ó ní kí n mí síta. Mo mí síta, mi ò fa ohunkóhun wọlé, mo dúró bí Ọlọ́run ṣe dá mi. Ó ka iye náà sókè: mẹ́tàdínlógójì àti ààbọ̀. Ó yíjú sí ìwé mi, ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ó tún un wọ̀n. Kò yàtọ̀.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe láti oṣù kẹta?"

Mo sọ fún un: omi rírù, ẹyìn gígún, ẹyìn títẹ̀. Ó ní kí n na apá. Ó fọwọ́ tẹ ibi tó le níbẹ̀, ó mi orí.

"Ọ̀rá ń lọ," ó ní, "ẹran ara tó le sì ń wọlé sí ipò rẹ̀. Méjèèjì ló wúwo, sikéèlì ò sì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Èmi náà ò bi í ní ìbéèrè tó yẹ." Mi ò tíì gbọ́ kí dókítà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Ṣùgbọ́n ìtọ̀ yín ni yóò sọ èyí tó kù."

Ó gba ìtọ̀ náà, ó da díẹ̀ sínú oògùn búlúù, ó gbé e sórí iná. Mo di etí tábìlì mú. Ó hó. Mo ń retí àwọ̀ ewé. Ó hó títí, ó ṣì wà ní búlúù. Dókítà gbé e sókè sí ojú fèrèsé, búlúù náà ló wà níbẹ̀. Ó gbé káàdì pínǹkì náà, ó dá a padà sínú àpótí, ó sì ti àpótí náà. Ó ní kí n padà wá lóṣù mẹ́ta, kí n má jáwọ́ nínú ohun tí mò ń ṣe, kí n sì mú téèpù náà dání.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wálé. Mo kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, ẹni tí mo mọ̀ àti ẹni tí mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, omi ti bọ́ lójú mi. Ọkọ mi ń ya bàbá àgbẹ̀ kan lọ́wọ́. Ó yọ orí kúrò lábẹ́ aṣọ kámẹ́rà, ó rí omi lójú mi, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ó ti dáa," ó ní. "Má sunkún. Mo ti bá oníkẹ̀kẹ́ kan sọ̀rọ̀ láti ìjẹta. Ó ní òun á máa wá gbé ọ lọ gba abẹ́rẹ́ náà láràárọ̀."

Mi ò mọ̀ pé ó ti lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́fà tó fi ń bá mi rẹ́rìn-ín, tó ń fi rúlà lé ikùn mi, ẹ̀rù tó ń ba èmi ló ń ba òun náà. Mo nu ojú mi nù. Mo gbé orí sókè.

"Ẹ lọ sọ fún oníkẹ̀kẹ́ yín," mo ní, "pé mo ní ẹsẹ̀."